Tókìn Tí Kò Dé Ọwọ́ Màámi

Ní alẹ́ Ọjọ́rú kan, màámi pè mí láti Ọ̀gbẹ̀sẹ̀. Yúníìtì tó kù lójú mítà wọn kò pé ẹyọ kan, bẹ́ẹ̀ ni ẹja tútù tí wọn fẹ́ tà lọ́jọ́ ọjà kún inú fíríísà dé ẹnu. Àkúrẹ́ ni mo wà nígbà náà. Mo ní kí wọn fọkàn balẹ̀. Mo ṣí áàpù tí mo fi máa ń ra iná, mo tẹ nọ́ńbà mítà wọn, mo sì fi káàdì san ₦5,000. Kíá ni báǹkì yọ owó náà. Lójú áàpù, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé "Successful". Ṣùgbọ́n nígbà tí ìdajì wákàtí kọjá, màámi tún pè.

"Ọmọ mi, n kò tíì rí nǹkan kan o. Ṣé o ti rà á?"

Mo ní mo ti rà á. Mo wo rìsíìtì lójú áàpù: iye owó wà níbẹ̀, nọ́ńbà mítà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tó yẹ kí tókìn wà ṣófo. Owó ti kúrò lápò, ọjà kò sì dé igbá. Mo ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ṣe: mo fi ₦5,000 tó kù sọ́wọ́ mi tún un rà. Ti ẹ̀ẹ̀kejì yìí kò tilẹ̀ sọ pé "Successful". "Pending" ló kọ, ibẹ̀ ló sì dúró sí.

Ohun tí n kò mọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà ni pé ìṣòro méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo ní lọ́wọ́. Ibùdó mẹ́ta ni owó iná máa ń gbà kọjá kó tó di tókìn. Àkọ́kọ́ ni báǹkì, tí yóò yọ owó fún ẹni tó ni áàpù. Ìkejì ni kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ iná. Áàpù ni yóò béèrè tókìn lọ́wọ́ rẹ̀. Ìkẹta ni àtẹ̀jíṣẹ́ tí yóò gbé tókìn dé orí fóònù. Bí áàpù bá sọ pé "Pending", ìdáhùn kò tíì padà láti ibùdó kejì nìyẹn, ó sì lè jẹ́ pé wọn kò ṣe tókìn kankan. Bí ó bá sọ pé "Successful" tí nọ́ńbà kò sì sí níbẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé tókìn ti wà, àmọ́ ó ṣì ọ̀nà ní ibùdó kẹta.

Mo padà wo ohun tí mo tẹ̀, àṣìṣe mi sì hàn. Láìnì àtijọ́ màámi, èyí tí wọn ti pa tì láti ọdún méjì sẹ́yìn, ni áàpù náà ṣì ń lò. Àwọn ilé iṣẹ́ fóònù a máa gba láìnì tí a kò lò fún ìgbà pípẹ́, wọn a sì tà á fún ẹlòmíràn. Mo pe nọ́ńbà náà. Ọkùnrin kan gbé e.

"Ẹ kú alẹ́, sà. Ẹ jọ̀wọ́, nọ́ńbà màámi ni èyí tẹ́lẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣèèṣì wọlé sí yín, nọ́ńbà 20 ló wà nínú rẹ̀..."

Kò jẹ́ kí n parí rẹ̀. "Arábìnrin, n kò ní ka kóòdù kankan fún yín o. A ti gbọ́ irú èyí rí." Ó pa fóònù.

Inú bí mi, ṣùgbọ́n nígbà tí mo rò ó, n kò rí ẹ̀bi rẹ̀. Gbogbo báǹkì ló ń kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni tó bá pè, tó ní kí a ka kóòdù fún òun, olè ni. Ẹ̀rù tuntun wá bà mí: ṣé kò ní fi tókìn màámi tan iná ilé tirẹ̀?

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ní ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ iná, ni ẹ̀rù náà tó kúrò. Òṣìṣẹ́ obìnrin tó dá mi lóhùn rẹ́rìn-ín. Ó ní tókìn kò dà bí káàdì owó ìpè tí ẹnikẹ́ni lè rí he kó sì lò. Nọ́ńbà mítà kan ṣoṣo ni wọ́n fi máa ń ṣe é, mítà yẹn nìkan ló sì lè tú u. Iye yúníìtì àti àkókò tí wọ́n ṣe é wà nínú nọ́ńbà 20 náà gan-an. Ìdí nìyí tí mítà kò fi nílò nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, tí ó sì ṣeé kà fún èèyàn lórí fóònù. Mítà a tún máa rántí èyí tó ti gbà, nítorí náà kò sí ẹni tó lè tẹ ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Láti ọdún 1993 ni wọ́n ti ń ka ìṣẹ́jú àkókò yẹn, àyè rẹ̀ sì kún ní ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá ọdún 2024. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí a kọ́kọ́ tẹ oríṣi nọ́ńbà 20 méjì kan sínú mítà ṣáájú ọjọ́ náà. Bí tókìn bá dé ọwọ́ yín tí mítà sì kọ̀ ọ́, ẹ yẹ ìyẹn wò. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tókìn tí kò dé.

Nọ́ńbà mítà nìkan ló tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Tókìn màámi wà níbẹ̀, pẹ̀lú wákàtí tí mo rà á. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde fún mi. Ti ẹ̀ẹ̀kejì kò sí níbẹ̀ rárá, èyí sì fi hàn pé owó yẹn kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọ̀dọ̀ àwọn aláàpù àti báǹkì ni mo ní láti lọ fún un.

Mo pe màámi, mo kà á fún wọn ní mẹ́rin-mẹ́rin, wọ́n sì ń dá a pè padà. Iná dé. Láti òru ni fíríísà ti kú, ṣùgbọ́n màámi kò ṣí i, torí fíríísà tó kún dáadáa a máa di òtútù rẹ̀ mú bí a kò bá ṣí i. Àwọn ẹja òkè nìkan ló ti ń rọ̀. Wọ́n yan wọ́n lọ́jọ́ náà, wọ́n sì tà wọ́n ní ẹja yíyan.

Ní ti owó kejì, mo kọ̀wé sí àwọn aláàpù, mo sì pe báǹkì mi. Nọ́ńbà ìdúnàádúrà, ọjọ́, wákàtí, iye owó àti nọ́ńbà mítà nìkan ni mo fún wọn; ẹni tó bá ní òun fẹ́ dá owó padà tó sì ń béèrè nọ́ńbà àṣírí káàdì, ẹ sá fún un. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2020 ni Báǹkì Àpapọ̀ ti pa á láṣẹ pé àríyànjiyàn lórí owó tí a fi káàdì san lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí 72. Mo rán báǹkì mi létí òfin yìí. Ní ọjọ́ kẹta, ₦5,000 náà padà.

Mo ti yọ láìnì àtijọ́ kúrò nínú áàpù. Mo tún fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọkùnrin náà pé a ti rí tókìn náà gbà, kó má bínú. Ó fèsì pé: "Ẹ bá mi kí màmá."