Ẹ Mú Ìkéde Iṣẹ́ Náà Wá Lódindi

Ọdún 1988 ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ akọ̀wé lẹ́tà lábẹ́ ọ̀gá mi ní Dùgbẹ̀, n'Ìbàdàn: tábìlì kan, agboòrùn kan, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tó wúwo bí ọlọ. Àwọn àgbà tí kò mọ̀wé ló sọ iṣẹ́ wa di iṣẹ́. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin láti dáàbò bò wọ́n lọ́dún 1915: ẹni tó bá bá wọn kọ̀wé gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí i, ìyẹn sì ni ẹ̀rí pé ohun tí oníbàárà sọ gan-an ló wà níbẹ̀. Ọ̀gá mi kì í fi òfin yìí ṣeré. Àmọ́ bó bá di lẹ́tà ìwáṣẹ́ àwọn tó jáde ilé ìwé, kì í bi wọ́n ní nǹkan kan. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló ti há sórí. Orúkọ, ipò àti ọjọ́ ló máa ń yí padà. Mi ò dá a lẹ́bi. Bí o bá ṣi ọ̀rọ̀ kan tẹ̀, o lè ní láti tún gbogbo ojú ìwé tẹ̀, pẹ̀lú kábọ́ọ̀nù lábẹ́ rẹ̀.

Gbólóhùn kan wà nínú lẹ́tà yẹn: “Mo ní gbogbo ohun tí ẹ béèrè.” Lọ́dún 1993 mo tẹ̀ ẹ́ fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan. Ìkéde ní àwọn ń wá ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ìṣirò owó fọ́dún mẹ́ta. Ọdún kan péré ló ṣe. Wọ́n pè é, wọ́n sì ní kó ṣàlàyé ọdún méjì yòókù. Ó padà wá, ó fi lẹ́tà náà lélẹ̀ níwájú mi. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, èmi ni wọ́n pè ní òpùrọ́.” Mi ò kọ gbólóhùn yẹn mọ́ láti ọjọ́ náà.

Nígbà tí mo ra kọ̀ǹpútà lọ́dún 2001, àtúnṣe di nǹkan ìṣẹ́jú kan. Àdàkọ náà sì rọrùn sí i: àwọn kan ń gbé lẹ́tà ọ̀rẹ́ wọn wá, wọn a sì gbàgbé orúkọ iléeṣẹ́ àkọ́kọ́ sínú rẹ̀.

Obìnrin kan wá bá mi lọ́dún 2017. Ó ti ta oògùn ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Mọ́kọ́lá fọ́dún márùn-ún. Iléeṣẹ́ kan tó ń pín oògùn ń wá olùtọ́jú sìtóò: HND, ìrírí sìtóò ọdún mẹ́ta, ẹni tó mọ bíìnì káàdì í kọ, tó sì lè lo Ẹ́sẹ́ẹ̀lì. OND lòun ní.

“Bàbá, mi ò ṣiṣẹ́ sìtóò rí.”

Mo fi báírò pupa ka ìkéde náà lẹ́ẹ̀mejì. Iṣẹ́ tí ẹni náà máa ṣe ni mo máa ń kọ́kọ́ kà, kí n tó ka ohun tí wọ́n béèrè, nítorí ohun tí wọ́n bá sọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ló ń dùn wọ́n. Ìgbà méjì ni wọ́n mẹ́nu ba oògùn tí ọjọ́ ti kọjá lórí rẹ̀.

“Ta ló ń ka ọjà ní ṣọ́ọ̀bù yín?”

“Èmi ni, sà. Ní gbogbo Sátidé.”

“Ibo lo ń kọ ọ́ sí?”

Ó yọ ìwé gígùn kan nínú báàgì: èyí tó wọlé, èyí tó jáde, èyí tó kù, àti ọjọ́ tí oògùn máa bàjẹ́. Ohun tí bíìnì káàdì ń ṣe gan-an nìyẹn. Orúkọ ni kò mọ̀.

Ìwé yẹn la fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ipò tó ń wá, ìlà kejì sọ pé fọ́dún márùn-ún òun ló ń ka bí ọ̀ọ́dúnrún oríṣi oògùn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tó sì ń to èyí tí ọjọ́ rẹ̀ súnmọ́lé síwájú kó lè kọ́kọ́ tà. Ìpínrọ̀ kejì ṣàlàyé ìwé náà, ó sì sọ pé ohun tó wà lórí bíìnì káàdì ló wà níbẹ̀. Mi ò pè é ní olùtọ́jú sìtóò, torí bí wọ́n bá pe ṣọ́ọ̀bù náà, olùtajà ni wọ́n máa gbọ́. Nípa Ẹ́sẹ́ẹ̀lì, a kọ pé ó fi ń ṣàkọsílẹ̀ owó ọjà, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìwé ẹ̀rí tó kù díẹ̀ káàtó gba gbólóhùn kan ní ìpínrọ̀ kẹta: “OND ni mo ní, ọdún márùn-ún tí mo fi ka oògùn ni mo sì gbé ka iwájú yín.” Obìnrin náà fẹ́ ká bẹ̀ wọ́n. Mo kọ̀. Ẹ̀bẹ̀ a máa fa ojú òǹkàwé sí ibi tó kù díẹ̀ káàtó, kò sì ní rántí èyí tó dára.

Lẹ́tà kò lè dí gbogbo àlàfo. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí ti apòògùn, tí òfin ní kéèyàn ní láísẹ́ǹsì, tàbí tí ìkéde bá sọ gbangba pé àwọn ò ní wo ìwé ẹni tí kò ní HND, mo máa ń ní kí oníbàárà mú owó rẹ̀ padà.

Wọ́n pe obìnrin náà. Ìbéèrè àkọ́kọ́ dá lórí ìwé gígùn yẹn, ó sì mú un dání. Igbákejì olùtọ́jú sìtóò ni wọ́n gbà á sí.

Púpọ̀ nínú àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi, àdírẹ́sì iléeṣẹ́ nìkan ni wọ́n ń kọ wá sórí bébà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ìkéde náà wá lódindi.