Ìdá Tí Ọmọ Kan Kò Lè Dá Ṣe

Bi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó wà ní kíláàsì kẹrin ní Lánlátẹ̀ pé èwo ló tóbi jù nínú 1/3 àti 1/4. Ọ̀pọ̀ wọn yóò ní 1/4 ni, ọkàn wọn yóò sì balẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Kì í ṣe pé wọn kò ronú. Láti kíláàsì kìíní la ti ń kọ́ wọn pé 4 ju 3 lọ, ohun tí a kọ́ wọn náà ni wọ́n ń lò. Ṣùgbọ́n gba ọ̀nà mìíràn bi í. Sọ pé kóńgò ẹ̀gúsí kan wà níbí tí ẹni mẹ́ta fẹ́ pín dọ́gba, òmíràn wà lọ́hùn-ún tí ẹni mẹ́rin fẹ́ pín, kí ó lọ síbi tí ìpín tirẹ̀ yóò ti pọ̀. Kíá ni yóò gba ọ̀dọ̀ àwọn mẹ́ta lọ. Ní ilẹ̀ Ìbàràpá wa yìí, láti Igbó-Ọrà dé Èrúwà, ọmọ tí kò bá ìyá rẹ̀ wọn ẹ̀gúsí tàbí gààrí rí kò wọ́pọ̀. Ọmọ náà mọ ìdá. Ohun tí kò tíì mọ̀ ni pé àmì ojú pátákó yẹn àti ohun tó ń ṣe nídìí ọjà, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ètò ìkọ́ni oníṣẹ́jú ogójì tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí wà láti mú àwọn méjèèjì pàdé, àwọn ọmọ fúnra wọn ló sì máa mú wọn pàdé, ní ọ̀wọ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin. Nínú ọ̀pọ̀ nóòtì olùkọ́ tí mo ti kà, gbólóhùn kan náà ló máa ń wà níbẹ̀: pín àwọn ọmọ sí ọ̀wọ́. Wọn a sún bẹ́ǹṣì pọ̀, wọn a fún ọ̀wọ́ ní ìṣirò kan, ọmọ tó já fáfá jù a ṣe é tán, àwọn mẹ́ta yòókù a dà á kọ. Àwọn àgbẹ̀ wa mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀wẹ̀ àti àáró. Ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ yóò pèsè oúnjẹ, ẹni tó kọ ebè díẹ̀ àti ẹni tó kọ púpọ̀ yóò sì jọ jẹ ẹ́. Ní ti àáró, oko mi lónìí, oko rẹ lọ́la, gbogbo wa la sì mọ ẹni tó jẹ wá ní iṣẹ́. Ọ̀wẹ̀ ni a sábà máa ń ṣe ní kíláàsì. Àáró ló yẹ kó jẹ́. Nítorí náà, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni tó wà ní ìlú wa bá wá ṣe ìdánrawò lọ́dọ̀ wa, ìbéèrè tí mo kọ́kọ́ ń bi í ni pé, "Kí ni ọmọ kẹta yóò máa ṣe nígbà tí ọmọ kìíní bá ń sọ̀rọ̀?"

Robert Slavin, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lórí irú ìkẹ́kọ̀ọ́ yìí, tẹnu mọ́ ohun méjì: kí ọ̀wọ́ ní ohun kan tí gbogbo wọn jọ ń lépa, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sì dáhùn fún ara rẹ̀. Níbí náà, Peter Okebukola, tí UNESCO fún ní ẹ̀bùn Kalinga ní 1992, ti ṣèwádìí nípa rẹ̀ ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì ní Nàìjíríà láti àwọn ọdún 1980. Ohun tí mo rí kún un nínú iṣẹ́ tèmi ni pé ìdá bá àjọṣe mu ju ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìṣirò mìíràn lọ. Ọ̀já bébà kan tí a pín sí mẹ́ta kò lè kọ́ ọmọ ní nǹkan púpọ̀ bó bá dá wà. Ìgbà tí a bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí a pín sí mẹ́rin tàbí mẹ́fà ni ọ̀rọ̀ tó yọ. Tí ọmọ kan bá wá mú ẹyọ ọ̀já kan ṣoṣo lọ́wọ́, ó di dandan kó wá ẹlòmíràn lọ.

Ohun èlò rẹ̀ kò wọ́n. Mo máa ń gé ọ̀já bébà tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 24, tó fẹ̀ ní 3. Mo mú 24 nítorí pé ó ṣeé pín sí méjì, mẹ́ta, mẹ́rin àti mẹ́fà láìṣẹ́kù, kí ọmọ lè fi rúlà yẹ ara rẹ̀ wò: 12, 8, 6, 4. Bébà A4 kan yóò fún wa ní ọ̀já méje. Bí ọmọ 36 bá wà ní kíláàsì, ọ̀wọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n, bébà mẹ́fà sì tó. Ọmọ kọ̀ọ̀kan gba ọ̀já kan, a sì fi iṣẹ́ pè é: onídajì, onímẹ́ta, onímẹ́rin, onímẹ́fà.

Kí ọ̀wọ́ tó jókòó, àwọn tó ní iṣẹ́ kan náà á kọ́kọ́ pàdé. Láti ọ̀dọ̀ Elliot Aronson, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìṣe ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ni èyí ti wá. Ó dá a sílẹ̀ ní 1971 ní ìlú Austin ní Texas, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ọmọ aláwọ̀ funfun, aláwọ̀ dúdú àti àwọn ọmọ tí ìran wọn ti Mẹ́síkò wá pọ̀ sí kíláàsì kan, tí wọn kò fẹ́ rí ara wọn. Àwọn onímẹ́ta mẹ́sàn-án ti pọ̀ jù láti jọ sọ̀rọ̀, n ó pín wọn sí mẹ́rin àti márùn-ún. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n ní, ọ̀dọ̀ onímẹ́ta ni mo sì máa ń dúró sí, nítorí ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ọmọ tó bá ṣẹ́ bébà po sí méjì, tó tún un ṣẹ́ po, mẹ́rin ló ní. Àtipín sí mẹ́ta gba sùúrù: ká orí ọ̀já náà sí àárín, ká ìdí rẹ̀ lé e lórí, má tíì tẹ̀ ẹ́, máa sún un títí etí méjèèjì yóò fi bá ojú ìṣẹ́po mu, kí o tó wá tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yìn wọn ni àwọn onímẹ́fà máa ń jókòó sí, torí pé ẹni tó bá ti pín sí mẹ́ta, ìṣẹ́po kan péré ló kù kó di mẹ́fà. Ọ̀pọ̀ onímẹ́fà tó bá jókòó sí ibòmíràn máa ń ṣẹ́ ẹ po ní ìdajì lẹ́ẹ̀mẹta, mẹ́jọ ni yóò sì bá lọ́wọ́. N kì í fún ọmọ tó ń bẹ̀rù ìṣirò ní ìdajì. Ìdá mẹ́ta ni mo ń fún un, kí n lè wà nítòsí rẹ̀, kí ó sì gbé ohun tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò mọ̀ padà lọ bá wọn.

Lẹ́yìn náà ni oníkálukú padà sí ọ̀wọ́ tirẹ̀. Òfin méjì ló wà. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ọ̀já ẹlòmíràn. Bí mo bá sì béèrè nípa ọ̀já kan, ẹni tí kì í ṣe tirẹ̀ ni yóò dáhùn, èyí tó mú kí oní-nǹkan kọ́ àwọn yòókù kí n tó dé. Iṣẹ́ wọn ni láti to 1/2, 1/3, 1/4 àti 1/6 láti orí èyí tó tóbi jù, kí wọ́n sì wá gbogbo ohun tó bá ìdajì mu gẹ́lẹ́.

Bí ó ṣe máa ń lọ rèé. Onímẹ́fà á ní, "Tèmi ló pọ̀ jù, mẹ́fà ni." Onímẹ́rin á ní, "Ká a kó ku ẹyọ kan, wá gbé e lé tèmi." Ó gbé e lé e, ó kúrú. "Kí ló dé tó fi kéré?" Wọn a dákẹ́ díẹ̀. Onídajì ló sábà máa ń sọ ọ́: "Ẹni mẹ́fà ló pín in, tìrẹ ò lè tó ti ẹni mẹ́rin." Mo ti gbọ́ irú gbólóhùn yìí lẹ́nu ọmọ, ó sì wọ ẹgbẹ́ rẹ̀ létí ju bí mo ṣe lè sọ ọ́ lọ. Èdè Yorùbá ni wọ́n sì fi ń bá ara wọn sọ ọ́, n kì í dí wọn lọ́wọ́. Nígbà tí Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà wọn ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́ ní 1970, ìṣirò wà lára ohun tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ títí wọ́n fi ṣe tán.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni ìgbà tí wọ́n bá ń wá ìdajì. Onímẹ́rin mú méjì, ó bá a mu. Onímẹ́fà mú mẹ́ta, ó bá a mu. Onímẹ́ta mú ẹyọ kan, kò tó. Ó mú méjì, ó kọjá. Gbogbo ọ̀wọ́ yóò ní kò mọ̀ ọ́n ṣẹ́ po. Òun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Mo rọ olùkọ́ tó bá dúró níbẹ̀ pé kó má sọ̀rọ̀. Kí wọ́n mú rúlà: 8, 16, 24. 12 kò sí níbẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ dára, kò kàn sí ìdajì nínú mẹ́ta ni. Ọmọ tó bá rí i pé ìdáhùn lè jẹ́ "kò sí" lẹ́yìn tí a ti ṣe gbogbo nǹkan bó ti yẹ ti kọ́ ohun tó pọ̀.

Ìṣẹ́jú mẹ́jọ ìkẹyìn, wọ́n kó ọ̀já sínú àpòòwé, oníkálukú sì gba ìbéèrè mẹ́rin láti ṣe láìsọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni: ìdajì agolo mílíìkì gààrí àti ìdá kan nínú mẹ́rin kóńgò gààrí, èwo ló pọ̀ jù? Ọ̀já wa gùn bákan náà, nítorí náà kò kọ́ wọn pé odindi gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà ká tó lè fi ìdá wé ìdá. Mo ní láti béèrè rẹ̀ lọ́tọ̀.

Ní alẹ́, mo máa ń to ìdáhùn wọn lọ́nà méjì. Mo kọ́kọ́ tò ó ní ọ̀wọ́-ọ̀wọ́. Bí àwọn mẹ́rin inú ọ̀wọ́ kan bá jọ ṣi nǹkan kan náà, ọmọ kan ló darí wọn, wọ́n ti padà sí ọ̀wẹ̀. Lẹ́yìn náà mo tò ó ní ọ̀já-ọ̀já. Bí àwọn onímẹ́fà láti ọ̀wọ́ tó yàtọ̀ síra bá jọ ṣi 2/6 àti 1/3, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ pàdé ni nǹkan ti bàjẹ́, ibẹ̀ ni n ó ti bẹ̀rẹ̀ lọ́la.

Ní ìgbà òjò, tí iṣẹ́ oko bá dé, ọmọ kan lè má wá. Ẹ má ṣe fi ìdá mẹ́fà sílẹ̀, torí òun ló so mẹ́ta mọ́ ìdajì. Kí onímẹ́rin gba ìdajì mọ́ tirẹ̀, ọ̀nà ìdajì ló ṣáà gbà dé mẹ́rin.

N kì í da àwọn ọ̀já náà nù. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo máa ń kọ 1/2 + 1/3 sójú pátákó, ẹnì kan á sì ké pé 2/5, nítorí pé ó ro òkè pọ̀, ó ro ìsàlẹ̀ pọ̀. N kì í sọ pé ó ṣì í. Mo ní kí ọ̀wọ́ rẹ̀ to ìdajì àti ìdá kan nínú mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn lórí tábìlì. Sẹ̀ǹtímítà 20 ni wọ́n gùn. Ìdajì nìkan ti gùn ní 12, bẹ́ẹ̀ 2/5 ọ̀já wa kò tó 10. Wọn a wo ara wọn, onímẹ́fà á tú ọ̀já tirẹ̀, á tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á sì máa kà á: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún.