Bí a ṣe ń ya bàtà tí a fẹ́ tà
Bàtà awọ tí ẹ bá yà láti iwájú gangan, imú rẹ̀ nìkan ló máa hàn. Ẹ sọ fún ẹni tó ń yà á pé, "Tirí-kọ́tà ni mo fẹ́ o," ìyẹn ni pé kí ó yí i díẹ̀, kí iwájú àti ẹ̀gbẹ́ jọ hàn. Bí fóònù bá sún mọ́ ọn jù, imú bàtà á wú. Kí ó sún sẹ́yìn, kó wá fi súùmù fà á.

Ojú rírán ló ń fẹ́ mákírò. Ibẹ̀ la ti ń sún mọ́ ọn gan-an. Kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ wá, kí òjìji fóònù má bàa bò ó. Oníbàárà tó wà ní Ìbàdàn kò lè fọwọ́ kàn án, ojú rírán yẹn ló máa fi mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà dáa.