Orúkọ Tí Kò Ṣeé Kà

Ẹni tí ó bá fẹ́ tú ìwé oògùn tí dókítà fi ọwọ́ kọ, ohun mẹ́ta ni yóò wá lórí ìlà kọ̀ọ̀kan: orúkọ oògùn, ìwọ̀n rẹ̀, àti iye ìgbà tí a óò lò ó. Ti ìgbà kò ṣòro fún ẹni tí ó bá mọ àṣà àwọn dókítà. Èdè Látìnì ni wọ́n ń gé kúrú: od ni ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́, bd ni ẹ̀ẹ̀mejì, tds sì ni ẹ̀ẹ̀mẹta. Bí wọ́n bá kọ 5/7, ọjọ́ 5 ni wọ́n ní lọ́kàn, nítorí pé ọjọ́ 7 ni ó wà nínú ọ̀sẹ̀.

Orúkọ ni ó ń dá wàhálà sílẹ̀. Ní ọdún 1995, dókítà kan ní ìpínlẹ̀ Tẹ́sáàsì, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kọ oògùn àyà ríro tí à ń pè ní Aisọ́dìlì fún aláìsàn kan: 20 mìlígíráàmù ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà. Ìkọ̀wé náà wọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí apòògùn fi kà á sí Pulẹ́ńdìlì, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí Òyìnbó ti ń kọ wọ́n, dil ni ó parí orúkọ méjèèjì. Ìbẹ̀rẹ̀ wọn ni ó yàtọ̀, ìbẹ̀rẹ̀ náà gan-an ni kò sì hàn.

Ṣùgbọ́n ìwọ̀n hàn gbangba, ẹ̀rí sì ni ìwọ̀n jẹ́ fún orúkọ. Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ni à ń lo Pulẹ́ńdìlì, kì í sì í kọjá 10 mìlígíráàmù. Ogún mìlígíráàmù lẹ́ẹ̀mẹrin jẹ́ 80, ìlọ́po mẹ́jọ ohun tí ó yẹ. Ọkùnrin náà lò ó bẹ́ẹ̀, àìsàn ọkàn kọlù ú, ó sì kú lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ní ọdún 1999, ilé ẹjọ́ dá dókítà àti apòògùn lẹ́bi.

Báwo ni ó ṣe yẹ kí a tú irú ìlà bẹ́ẹ̀? Ohun tí ojú rí nìkan ni kí a kọ: "Orúkọ: kò ṣeé kà, ó jọ pé dil ni ó parí rẹ̀. Ìwọ̀n: 20 mìlígíráàmù. Ìgbà: wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà." Kí a má ṣe fi orúkọ tí ó súnmọ́ ọn jù dí àlàfo náà. Ìwé wúruwùru a máa kìlọ̀ fún ẹni tí ń kà á. Ṣùgbọ́n bí a bá ti fi ọwọ́ dáradára kọ àbá sílẹ̀, ẹni tí yóò kà á lẹ́yìn wa kò lè mọ̀ mọ́ pé àbá ni.

Lẹ́yìn èyí, kí a ránṣẹ́ sí dókítà. Ọ̀nà tí a gbà béèrè tilẹ̀ ṣe pàtàkì. Bí a bá wí pé, "Dókítà, ṣé Pulẹ́ńdìlì ni?" ẹni tí èrò yí ká lè dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni láìfetísílẹ̀. Ó sàn kí a wí pé, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, kí ni orúkọ oògùn tí ẹ kọ sí ìlà kejì, àìsàn wo ni ó sì wà fún?" kí a sì ní kí wọ́n pe orúkọ náà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.