Kì Í Ṣe Kátálọ́ọ̀gù Ni Wọ́n Béèrè

Ọjọ́ kejìlá lẹ́yìn tí mo fi ímeèlì ránṣẹ́ sí obìnrin oníṣòwò kan ní Àkrà ni mo tó mọ̀ pé kò dé ọ̀dọ̀ wọn rárá. Kí n tó mọ̀, mo ti bínú sí wọn nínú ọkàn mi. Mo ti sọ fún àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ pé bí àwọn oníbàárà ìpàtẹ ọjà ṣe máa ń ṣe nìyẹn: wọ́n á tọ́ ọjà wò, wọ́n á gba káàdì, wọ́n á ní kí a fi kátálọ́ọ̀gù ránṣẹ́, a ò sì ní gbóhùn wọn mọ́.

Ibi ìpàtẹ ọjà àgbáyé tí wọ́n máa ń ṣe ní Rìgáṣíkún, lójú ọ̀nà Kàdúná sí Sáríà, ni a ti pàdé. Òrí ni mo ń tà jù, èyí tí mo ń kó láti ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin ní ìpínlẹ̀ Niger, ṣùgbọ́n mo tún ń ta oyin, atalẹ̀ gbígbẹ àti ọṣẹ dúdú. Àwọn obìnrin yìí dúró níwájú àtẹ mi fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wọ́n fi ìka kan òrí, wọ́n rà á lọ́wọ́, wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n bi mí bóyá mo máa ń dì í sínú páálí oní-kílò 25, àti bóyá mo ní ìwé àyẹ̀wò. Wọ́n ní àwọn ń ṣe ọṣẹ àti ìpara, àwọn sì fẹ́ kí ọjà dé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Bí èrò ṣe ń pọ̀ sí i, wọ́n na káàdì wọn sí mi: “Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi kátálọ́ọ̀gù yín ránṣẹ́ sí mi.”

Lọ́jọ́ kejì, mo fi í ránṣẹ́ lóòótọ́. Ó jẹ́ ojú ìwé 46, àwòrán aláràbarà sì kún inú rẹ̀. Ohun tí mo kọ kò ju pé: “Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Kátálọ́ọ̀gù wa nìyí. À ń retí èsì yín.” Mẹ́gábáìtì 17 ni ìwé náà. Gmail tí mo ń lò kò kọ̀ ọ́, nítorí pé 25 ni òpin tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló fi òpin tiwọn sí 10. Nígbà tí mo ń wá nǹkan mìíràn nínú àpótí lẹ́tà tí mi ò kì í ṣí, ni mo bá ìdáhùn tí ẹ̀rọ wọn ti dá padà láti ọjọ́ náà:

```
552 5.3.4 Message size exceeds fixed limit
```

Ẹrù mi ló wúwo ju ẹnu ọ̀nà wọn lọ. Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Èmi náà wo ẹ̀yìn, mo sì rí i pé ká ní ìwé náà tilẹ̀ wọlé, kò ní dáhùn ìbéèrè kankan nínú èyí tí wọ́n bi mí. Òrí wà ní ojú ìwé 31, lẹ́yìn oyin àti ìtàn ilé iṣẹ́ mi. Kò sí iye owó níbẹ̀. Páálí oní-kílò 25 kò sí níbẹ̀. Wọ́n ní “kátálọ́ọ̀gù” nítorí pé èrò ti pọ̀, kò sì sí àyè láti parí ọ̀rọ̀. Ìyókù ọ̀rọ̀ wa ni wọ́n ń béèrè.

Mo wá ẹ̀yìn káàdì wọn wò, níbi tí mo ti kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí kí n má baà gbàgbé: “25kg, àyẹ̀wò, ṣáájú òjò.” Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí ni mo fi kọ ímeèlì kejì. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n báyìí ló ṣe lọ:

“Kókó: Òrí oní-kílò 25 tí a sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ní Kàdúná: iye àti èsì àyẹ̀wò

Ẹ kú iṣẹ́, Màdáámù. Èmi ni mo wà nídìí àtẹ òrí tí ẹ ti béèrè nípa páálí oní-kílò 25. Ẹ má bínú, ìwé tí mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ tóbi jù, kò wọlé sí ọ̀dọ̀ yín. Ojú ìwé kan péré ni mo so mọ́ èyí: iye òrí náà, bí a ṣe ń dì í, àti èsì àyẹ̀wò rẹ̀. Iye náà dúró fún ọjọ́ 14, ó sì jẹ́ iye ọjà ní ẹnu ọ̀nà ilé ìkẹ́rù mi ní Kàdúná. Páálí mẹ́ta ni ó kéré jù tí mo lè tà. Ọjọ́ mẹ́wàá ni mo nílò láti dì í. Ṣé kí n fi kílò kan ránṣẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ fi ṣe ọṣẹ wò?”

Mo fi ọjọ́ sí iye owó nítorí pé náírà kì í dúró lójú kan. Iye tí kò ní ọjọ́ lè padà wá bá ènìyàn lẹ́yìn oṣù mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí ìlérí. Mo sọ ibi tí iye náà parí sí nítorí pé láti Kàdúná sí Àkrà, ọjà yóò gba Sẹ̀mẹ̀, Kútọnu àti Lómé kọjá kó tó dé Aflao. Bí mi ò bá sọ ẹni tí yóò san owó ọ̀nà, oníkálùkù yóò rò pé ẹnì kejì ni.

Ní ti àyẹ̀wò, ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni ìwọ̀n ásíìdì tó ti já kúrò lára ọ̀rá náà. Bí èso bá ti hù, tàbí tó pẹ́ nínú ọ̀rinrin kí wọ́n tó sè é, ìwọ̀n náà á lọ sókè, òrí náà á sì tètè kan. Tèmi jẹ́ 1.8 nínú 100. Mi ò kọ “òrí tó dára jù lọ” rárá. Nọ́ńbà yẹn ti tó.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fi parí rẹ̀, èyí tí a lè fi bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ dáhùn lórí fóònù.

Wọ́n dáhùn lọ́jọ́ kejì: “Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ fi ránṣẹ́.” Wọ́n tún béèrè bóyá mo ti forúkọ sílẹ̀ nínú ètò òwò ọ̀fẹ́ ti ECOWAS, nítorí pé ọjà tí a ti ṣe iṣẹ́ sí lára gbọ́dọ̀ ní ìwé ètò náà kó tó lè wọlé láìsan owó ibodè. Mi ò ní i, mo sì sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́, àwọn yóò kà á mọ́ ìnáwó. Páálí mẹ́ta ni wọ́n rà. Wọ́n ti ra èyí tí ó pọ̀ jù lọ́wọ́ ẹlòmíràn láàárín ọjọ́ 12 tí mo fi ń bínú.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá ní kí a fi kátálọ́ọ̀gù ránṣẹ́ ló fẹ́ rà. Fún àwọn mìíràn, ọ̀nà láti dágbére láìdójú ti ẹni ni. Ohun tí mo fi ń dá wọn mọ̀ ni ìbéèrè tí wọ́n bá bi mí kí wọ́n tó lọ. Ẹni tó bá béèrè iye páálí, bí a ṣe dì í tàbí ìgbà tí yóò dé, ti ń ronú nípa ilé ìkẹ́rù tirẹ̀. Òun ni mo máa ń kọ̀wé sí kí ọjọ́ méjì tó pé. Bí kò bá dáhùn, mo máa ń rán an létí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, lábẹ́ ímeèlì àkọ́kọ́, kí ó lè rí ohun tí a ti sọ. Lẹ́yìn èyí, ó di ìgbà tí òrí tuntun bá jáde. Ẹni tó kàn ní “ó dára o” tó sì gba káàdì, mo máa ń fi kátálọ́ọ̀gù ránṣẹ́ sí i. Mo ti dín in kù sí mẹ́gábáìtì méjì.