Táyà tó bẹ́ mọ́ wa lábẹ́ nítòsí Ìtàpá

Nígbà ìsinmi tó kọjá, èmi àti bàbá mi ń fi píkọ́ọ̀pù kó iṣu láti Ìkọ̀lé lọ sí Adó. A ò tíì dé Ọ̀yẹ́ tí táyà ẹ̀yìn lápá ọ̀tún fi bẹ́ gbàù nítòsí Ìtàpá. Bàbá mi ò fẹsẹ̀ kan búrékì. Wọ́n di sitíárìn mú gírígírí títí ọkọ̀ fi dúró fúnra rẹ̀. Fọkanáísà tó bá wa pààrọ̀ rẹ̀ ní, "Bàbá, afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù, oòrùn sì mú." Èmi náà gbà á gbọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tó yá, mo gbé iṣu mẹ́wàá sórí òṣùwọ̀n àwọn tó ń ra kòkó: kílò 31. Iṣu 300 la kó, ó jẹ́ kílò 930. Ẹ̀yìn ni ẹrù píkọ́ọ̀pù máa ń tẹ̀ sí, nítorí náà mo fi 850 sí ẹ̀yìn, mo sì fi nǹkan bíi 600 kún un fún ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ pín 1,450 sí méjì: táyà kan ru 725.

Ohun tí wọ́n kọ sára èyí tó bẹ́ ni 205/65R15 94H. 94 yẹn túmọ̀ sí pé kílò 670 ni agbára rẹ̀ mọ, ìyẹn tí afẹ́fẹ́ bá pé. Tòkunbọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni, wọ́n tà á fún wa torí pé ó wọ ríìmù. Afẹ́fẹ́ 30 ló sì wà nínú rẹ̀, torí a ti ní kí wọ́n dín in kù láàárọ̀ kí oòrùn má bàa bẹ́ ẹ. Àṣìṣe wa nìyẹn. Bí afẹ́fẹ́ bá kéré lábẹ́ ẹrù, ẹ̀gbẹ́ táyà á máa ká, á máa nà ní gbogbo ìgbà tó bá yí. Ìyẹn ló ń mú un gbóná títí okùn inú rẹ̀ fi ń já. Táyà wa kejì ti ń fi hàn tẹ́lẹ̀: etí rẹ̀ méjèèjì ti jẹ, àárín rẹ̀ ṣì dára.

195R15C 106/104 la fi rọ́pò wọn. C yẹn ni ti ọkọ̀ akẹ́rù. 106 sì jẹ́ kílò 950. Tí a bá fẹ́ kó iṣu, a máa ń fún tẹ̀yìn ní 50, tiwájú ní 35, láàárọ̀ kùtù kí ọkọ̀ tó rìn. Lọ́sàn-án, géèjì lè ka 56. Ẹ má fọwọ́ kàn án, ooru ìrìn ni. Tí ẹ bá tú u, yóò kéré jù nígbà tó bá tutù. 65 ni òpin tí wọ́n kọ sára tiwa. Lọ́jọ́ tí kò sí ẹrù, a máa ń dá tẹ̀yìn padà sí 35, torí ọkọ̀ òfìfo á máa fò sókè nínú kòtò ọ̀nà Ìdó.

Ní báyìí, bàbá mi fẹ́ máa kó 400. Mo ṣírò rẹ̀: táyà á gbà á, àmọ́ sípíríńgì àti búrékì ọkọ̀ kò yí padà. A ṣì ń fà á.