Orúkọ Tí A Bá Fín Sára Igi Kò Ṣe É Pa Rẹ́

Ẹ̀bùn tí a fín orúkọ sí lára ní ìṣòro kan tí ẹ̀bùn tí a rà lọ́jà kò ní: bí ó bá bàjẹ́, kò sí ẹlòmíràn tí a lè fún, ẹni tí ó ṣe é kì í sì í gbà á padà. Fún àwa tí ń kọ èdè Yorùbá, àwọn àmì kékeré tí ó wà lórí lẹ́tà àti lábẹ́ rẹ̀ ni wàhálà náà sábà máa ń ti ibẹ̀ wá.

Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí màmá mi pé ẹni ọdún 70, àwa ọmọ rẹ̀ pinnu láti fún un ní àpótí onígi tí yóò máa kó ìlẹ̀kẹ̀ àti yẹtí rẹ̀ sí, kí a sì fín oríkì rẹ̀, Àbẹ̀kẹ́, sára ìdérí rẹ̀. Ọmọ tí a bẹ̀ kí a lè rí i kẹ́ ni oríkì náà ń sọ. Bí a bá yọ gbogbo àmì rẹ̀ kúrò, kò sọ nǹkan kan mọ́. Bí a bá sì ṣi àmì ohùn gbé, tí “bẹ̀” di “bẹ́”, ẹ̀bẹ̀ ti di gígé nìyẹn.

Mo kọ oríkì náà ránṣẹ́ sí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń fi ẹ̀rọ lésà fín nǹkan. Ó tún un tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó sì fi àwòrán bí yóò ṣe rí ránṣẹ́ sí mi kí ó tó fọwọ́ kan igi. Lẹ́tà À dára. Ṣùgbọ́n àmì orí ẹ̀ ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan k. Lẹ́tà ẹ méjèèjì sì nípọn ju àwọn yòókù lọ.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, bí kọ̀ǹpútà ṣe gbé e jáde nìyẹn.”

Òótọ́ ni ó sọ. Lójú kọ̀ǹpútà, À jẹ́ lẹ́tà kan tí ó ní nọ́ńbà tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ tí kò ní àmì ohùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀, tí ó ní àmì lórí àti lábẹ́, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ńṣe ni kọ̀ǹpútà yóò mú ẹ, tí yóò sì gbé àmì ohùn lé e lórí. Fọ́ǹtì tí a kò ṣe fún irú iṣẹ́ yìí kò mọ ibi tí àmì náà yẹ kí ó jókòó sí. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì ológe kò tilẹ̀ ní ẹ rárá, nítorí náà kọ̀ǹpútà a yá ti fọ́ǹtì mìíràn lò. Ohun tí ó mú kí lẹ́tà náà nípọn ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ nìyẹn.

Mo fi fọ́ǹtì Charis SIL tẹ oríkì náà fúnra mi, nítorí pé ó mọ àmì èdè wa. Lẹ́yìn náà, mo sọ lẹ́tà náà di àwòrán, kí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn má baà lè yí i padà. Nínú Inkscape, Object to Path ni a ń tẹ̀. Nínú CorelDRAW, Convert to Curves ni. Fáìlì PDF ni mo fi ránṣẹ́.

Igi náà ní ìṣòro tirẹ̀. Jíjó ni lésà ń jó igi kí ó lè dúdú, nítorí náà ọ̀gánwó tí ara rẹ̀ pọ́n dúdú kì í jẹ́ kí ìkọ̀wé hàn dáadáa. Arère tí ó funfun ni a yàn. A kọ́kọ́ dán an wò lára àjákù igi kan náà. Nígbà tí lẹ́tà ẹ ga ní mìlímítà 6, àmì abẹ́ rẹ̀ jóná mọ́ ọn lára. A sọ ọ́ di mìlímítà 12, àmì náà sì dá dúró.

Ní ti àkókò, fífín náà kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Àwọn ohun tí ó yí i ká ni ó ń jẹ ọjọ́. Káfíńtà gba ọjọ́ 14, àwòrán àti àtúnṣe gba ọjọ́ 4, ìdánwò àti fífín gba ọjọ́ 1, ìrìn láti Ìbàdàn dé Abẹ́òkúta gba 2. A fi ọjọ́ 7 sílẹ̀ lófìfo, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Láti ọjọ́ ayẹyẹ ni a ti ń kà á padà sẹ́yìn. A tún ní kí káfíńtà gé ìdérí méjì, nítorí pé bí a bá fi páǹdà pa ohun tí a ti fín rẹ́, ojú igi yóò jìn síbẹ̀.

Bí àwòrán bá dé ọwọ́ yín, ẹ sọ ọ́ di ńlá lójú fóònù, kí ẹ sì gbé e fún ẹni tí kò bá yín kọ ọ́. Kí ó ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sókè pẹ̀lú àmì rẹ̀. Ẹni tí ó ti mọ ohun tí ó yẹ kí ó wà níbẹ̀ kì í tètè rí ohun tí kò sí.